Rìsíìtì, fọ́tò àti ẹlẹ́rìí fún ẹjọ́ owó kékeré

*Kápẹ́ńtà kan ní Ṣàgámù kan òrùlé mi, ó ń jò. Mo ti san ₦85,000 fún ẹlòmíràn kó tún un ṣe. Ẹ̀rí wo ni kí n kó lọ sí kọ́ọ̀tù ẹjọ́ kékeré?*

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ₦85,000 yẹn, torí iye tó dájú ni kọ́ọ̀tù yìí ń fẹ́. Ẹ gba rìsíìtì tó ní déètì, orúkọ, ìbuwọ́lùwé, àti iye páànù àti ìṣó. "Iṣẹ́ òrùlé" lásán kò tó. Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́, ẹ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín ní báńkì.

Fọ́tò ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí 2011 ń béèrè ìwé ẹ̀rí tí a buwọ́ lù pé fóònù náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ẹ yà á. Ẹ má pa ojúlówó fọ́tò rẹ́ lórí fóònù o! Èyí tí ẹ yà kí wọ́n tó tú páànù ló wúlò jù.

Kápẹ́ńtà kejì ni ẹlẹ́rìí yín. Kó kọ ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí, bí ihò ìṣó tí wọn ò dí. Aládùúgbò tó kàn gbọ́ ìròyìn kò lè ràn yín lọ́wọ́.