Àgbá la bu owó lé, kì í ṣe ẹbu

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́: bí wọ́n bá bu owó orí lé ẹni tó ń ba odò jẹ́, ṣé kì í ṣe pé ó ti ra àṣẹ láti máa bà á jẹ́ lọ nìyẹn?"

Àbúrò, ohun tí wọ́n bu owó lé ni kó o wò. Ẹja mi ni mo fi kọ́ ọ. Lọ́nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni mo ti ń sin ẹja, ẹbu epo mẹ́ta sì wà lókè odò tí mo ń fa omi rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá àwọn èpìyà mi tí wọ́n ń yọ ẹnu sókè omi. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti yí ikùn sókè. Àrọ̀ ò kú ní tiwọn, torí àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi. Ibẹ̀ ni mo ti fura: omi ìdọ̀tí ẹbu ń jẹrà nínú odò, ìjẹrà náà sì ń gba afẹ́fẹ́ inú omi tán.

Ẹlẹ́bu ò kórìíra mi. Ó ka owó ẹyìn, owó igi àti owó òṣìṣẹ́ sínú ìṣirò rẹ̀. Ẹja mi ò sí níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí epo rẹ̀ fi dínwó. Èmi ni mo ń san ìyókù.

Abúlé kọ́kọ́ ní kí ẹbu kọ̀ọ̀kan máa san ₦5,000 lóṣù. Odò ò mọ́. Ẹni tó da àgbá omi ìdọ̀tí méjì sódò àti ẹni tó da ogún, iye kan náà ni wọ́n ń san. Ohun tó ò ń bẹ̀rù gan-an ló ṣẹlẹ̀ yẹn.

A wá bu ₦500 lé àgbá kọ̀ọ̀kan tó bá wọ odò, nítorí bí iye tí àgbá kan ń bà jẹ́ nìyẹn. Ẹbu tó tóbi jù ń da 10 lọ́sẹ̀. Ihò ẹ̀yìn ẹbu rẹ̀ gba 6, ₦300 ni kíkó ọ̀kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Bó bá fẹ́ gbé 4 tó kù lọ sóko, ₦900 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fúnra rẹ̀ ló kó 6 sí ihò, ₦1,800, ó sì san ₦2,000 lórí 4. Àpapọ̀ ₦3,800 lọ́sẹ̀, dípò ₦5,000 tí ì bá san ká ní gbogbo 10 ló dà sódò. Ká ní ₦200 la bù ú ni, gbogbo rẹ̀ ni ì bá dà sódò.

Àgbá 4 yẹn ṣì ń dùn mí. Àmọ́ kéèyàn fi ₦900 gba ohun tó tó ₦500 là, inú owó epo la ó ti san án. Ọ̀nà tí Arthur Pigou, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní 1920 nìyí.

Kíka àgbá ló fún wa níṣòro jù, torí òru ni wọ́n ń dà á, nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo la wá ń kà. A mọ iye ìdọ̀tí tó ń bá kẹ́ẹ̀gì kan jáde. Èyí tí a ò bá bá nínú ihò, tí kò sì dé oko, odò ló gbà á.