Kì í ṣe gbogbo ibi tí ìlà méjì ti pàdé ni igun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Káfíńtà kan fẹ́ kan àga (x) àti tábìlì (y). Pákó tó ní: x + 2y ≤ 14. Wákàtí iṣẹ́ rẹ̀: 2x + y ≤ 16. Ìsọ̀ rẹ̀ kò gbà ju mẹ́sàn-án lọ: x + y ≤ 9. Bẹ́ẹ̀ ni x ≥ 0, y ≥ 0. Èrè orí àga kan jẹ́ ₦3,000, ti tábìlì ₦4,000. Wọ́n ní ká wá iye àga àti tábìlì tí èrè rẹ̀ máa pọ̀ jù. Mo yanjú ìlà pákó àti ìlà wákàtí pọ̀, mo rí (6, 4), èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦34,000. Tíṣà wa ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé gíráàfù mi ni kò tọ́ ni? Ṣé kí n wá rúlà tó dáa?

Ìdáhùn: Fi rúlà sílẹ̀. Ìlà méjèèjì pàdé ní (6, 4) lóòótọ́, ìṣirò rẹ kò ní àléébù. Ohun tí o gbà gbọ́ ni kò tọ́: pé ibikíbi tí ìlà méjì bá ti pàdé, igun àyè tí a yọ̀ǹda ni. Ẹnu ń rò mí lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀nà àbùjá pé kí wọ́n sáà máa yanjú ìlà ní méjì-méjì, kí wọ́n mú èyí tí èrè rẹ̀ pọ̀ jù. Má ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Àyè tí a yọ̀ǹda ni apá gíráàfù tí gbogbo àìdọ́gba fara mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn ni mo wí, kì í ṣe méjì nínú wọn. Fi (6, 4) sínú ti ìsọ̀: 6 + 4 = 10. Mẹ́sàn-án ni ìsọ̀ gbà, nítorí náà (6, 4) ti bọ́ síta. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlà kan kì í tán níbi tí àyè náà parí sí. Díẹ̀ lára rẹ̀ ló jẹ́ ààlà, ìyókù ń lọ jìnnà sí ìta, ó sì ń pàdé àwọn ìlà mìíràn níbẹ̀.

Wo bí ọ̀nà àbùjá yẹn ṣe burú tó. Ìlà márùn-ún lo ní, torí x = 0 àti y = 0 wà lára wọn (àwọn méjì tí ẹ máa ń gbàgbé nìyẹn). Bí a bá mú wọn ní méjì-méjì, ibi ìpàdé mẹ́wàá la ó rí. Ọ̀kan lára wọn ni (0, 16), níbi tí ìlà wákàtí ti kan x = 0. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦64,000! Ẹni tó bá kàn mú èyí tó pọ̀ jù, òun ni yóò mú. Ṣùgbọ́n tábìlì 16 yóò jẹ pákó 32, pákó 14 péré sì ni káfíńtà ní.

Ohun tó yẹ kí o ṣe ni pé, bí o bá ti rí ibi ìpàdé kan, fi sínú àwọn àìdọ́gba mẹ́ta tó kù. Bí ọ̀kan bá kọ̀ ọ́, fagi lé e. Mú ìlà pákó àti ìlà ìsọ̀: yọ x + y = 9 kúrò nínú x + 2y = 14, y di 5, x di 4. Wákàtí: 2(4) + 5 = 13, kò kọjá 16. Kò sí èyí tó kéré sí òdo. Igun gidi ni (4, 5). Ìlà wákàtí àti ti ìsọ̀ fún wa ní (7, 2), pákó rẹ̀ jẹ́ 7 + 4 = 11, ó wọlé. (9, 0) kò wọlé, wákàtí 18 ló ń béèrè. (0, 9) náà kò wọlé, pákó 18 ni tirẹ̀, (14, 0) sì kọjá agbára ìsọ̀.

Márùn-ún ló ṣẹ́ kù: (0, 0), (8, 0), (7, 2), (4, 5), (0, 7). Tò wọ́n bí ẹni ń rìn yí ààlà ká, igun méjì tó tẹ̀ lé ara wọn gbọ́dọ̀ jọ wà lórí ìlà kan. (8, 0) àti (7, 2) jọ wà lórí ìlà wákàtí, (7, 2) àti (4, 5) lórí ti ìsọ̀, (4, 5) àti (0, 7) lórí ti pákó. Bí o bá rí méjì tí kò jọ ní ìlà kankan, o ti fo igun kan tàbí o ti mú ayédèrú wọlé. Èrè wọn, bí mo ṣe tò wọ́n: ₦0, ₦24,000, ₦29,000, ₦32,000, ₦28,000. Àga mẹ́rin àti tábìlì márùn-ún ni káfíńtà yóò kàn.

Ti gíráàfù tí o bi mí, má ka igun lójú lásán bí ìdáhùn bá ní ìdá, fi ìdọ́gba méjèèjì yanjú rẹ̀. Bí ìbéèrè bá lo < dípò ≤, ìlà gégé-gégé lo máa fà, igun tó bá wà lórí rẹ̀ kò sí nínú àyè náà. Ní ti kíkun, ìdánwò mìíràn ní kí o kun àyè tí a fẹ́, òmíràn ní kí o kun èyí tí a kò fẹ́. Mi ò lè sọ èyí tí tìrẹ yóò béèrè, ka ìtọ́ni rẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù. Kí o sì kọ ìlà àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nínú ìwé ìdáhùn, àní ti (6, 4) pàápàá: 6 + 4 = 10 > 9, kò wọlé.