Ọwọ́ kan náà fún kílíà, dúrọ́ọ̀pù àti símáàṣì

Ìbéèrè: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ ọdún 19 ni mí, ó sì ti tó ọdún 3 tí mo ti ń gbá bádímíntìn. Kílíà mi, èyí tí à ń gbá sókè, ń dé ẹ̀yìn pápá, símáàṣì mi, èyí tí à ń fi agbára gbá wálẹ̀, náà ò burú, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ gbá dúrọ́ọ̀pù kó rọra bọ́ nítòsí àwọ̀n, ẹni tí mò ń bá gbá á ti sáré dé iwájú àwọ̀n. Wọ́n ní ọwọ́ mi ló ń tú mi fó. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ. Ẹni tí eré yìí bá yé kì í dúró kí ṣọ́tù, ìyẹ́ tí à ń gbá, gbéra kó tó mọ ibi tó ń lọ. Èjìká rẹ ló ń wò, ó ń wo ìgbọ̀nwọ́ rẹ, ó sì ń wo bí apá rẹ ṣe ń yára tó. Bí o sì ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú ohun tó ń ṣẹlẹ̀: nítorí pé o fẹ́ kí ṣọ́tù rọra balẹ̀, ìwọ náà ń rọra fi apá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní dúrọ́ọ̀pù, kò sì burú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá tó ń falẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́. Kí rákẹ́ẹ̀tì rẹ tó kan ṣọ́tù, ẹni ọ̀hún ti mọ̀.

Ká tó dé orí ọwọ́, jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ẹsẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù láì mọ̀. Tí ṣọ́tù bá ti kọjá ẹ̀yìn orí rẹ, o ò ní ọwọ́ mẹ́ta mọ́. O ò lè fi símáàṣì gbá a kó rọ̀, ẹni tó wà lódìkejì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí nǹkan kan tó o fẹ́ fi pamọ́ fún un. Ẹ̀yìn ṣọ́tù ló yẹ kó o dé, kó máa bọ̀ sílẹ̀ níwájú èjìká ọ̀tún rẹ díẹ̀. (Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún ni mò ń bá sọ̀rọ̀, tó bá jẹ́ òsì lò ń lò, yí gbogbo rẹ̀ padà.) Ní ọjọ́ tó o bá pẹ́ dé ìdí ṣọ́tù, gbá kílíà gíga kó o fi ráyè padà sí àárín. Má ṣe ẹ̀tàn kankan níbẹ̀.

Tó o bá dé ibẹ̀ lásìkò, fi ẹ̀gbẹ́ kọ àwọ̀n. Gbé ọwọ́ òsì sókè bí ẹni ń nawọ́ sí ṣọ́tù, kí ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún wà lẹ́yìn ní gíga èjìká, kí orí rákẹ́ẹ̀tì wà lókè, kí ìka rẹ má sì fún mọ́ èèkù rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí ní gbogbo ìgbà nìyẹn, ì báà jẹ́ kílíà, ì báà jẹ́ símáàṣì, ì báà jẹ́ dúrọ́ọ̀pù. Ṣọ́ ọwọ́ òsì yẹn gidigidi. Ọ̀pọ̀ ló máa ń tètè sọ ọ́ kalẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gbá dúrọ́ọ̀pù, torí ara wọn ti mọ̀ pé agbára ò ní pọ̀.

Wàyí o, mú rákẹ́ẹ̀tì rẹ. Láìsí ṣọ́tù, gbé apá bí ẹni fẹ́ gbá símáàṣì, ṣùgbọ́n ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wàá rí i pé ìgbọ̀nwọ́ ló kọ́kọ́ ń gòkè, etí rákẹ́ẹ̀tì ló sì ṣáájú bọ̀, bí àdá tí wọ́n fẹ́ fi gé nǹkan, tí okùn rẹ̀ kọjú sí apá òsì. Lẹ́yìn náà ni apá á yípo láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, tí ojú rákẹ́ẹ̀tì á wá kọ àwọ̀n. Tó o bá jẹ́ kó máa yípo lọ, á kọjú sí apá ọ̀tún. Inú ìyípo yìí ni ohun tó o ń wá wà. Ibi tí ìyípo dé nígbà tí okùn kan ṣọ́tù ló ń pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì kéré débi pé ojú ẹni tó wà lódìkejì kò lè bá a.

Fún kílíà àti símáàṣì, ìyípo ti parí, ojú rákẹ́ẹ̀tì kọ àwọ̀n. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò ju pé orí rákẹ́ẹ̀tì ń rìn bí ẹni ya òṣùmàrè lókè orí rẹ. Tó bá bá ṣọ́tù nígbà tó ṣì dà sẹ́yìn díẹ̀, ṣọ́tù á lọ sókè, kílíà nìyẹn. Tó bá bá a nígbà tó ti dà síwájú díẹ̀, á rọ̀ sílẹ̀, símáàṣì nìyẹn. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́ni ni pé kéèyàn gbá kílíà ní gangan òkè orí, kó sì gbá símáàṣì níwájú. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ti lágbára ni mo máa ń sọ fún pé kó mú ibi tó bá ti kan ṣọ́tù sún mọ́ra, kó jẹ́ iwájú díẹ̀ fún méjèèjì. Ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni o. Kílíà láti ibẹ̀ nílò ìyípo apá tó yára gan-an, ó sì lè máa kúrú fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Má gbàgbọ́ pé o ti mọ̀ ọ́n títí yóò fi máa bọ́ sáàárín ìlà méjì tó wà lẹ́yìn pátápátá, tí àlàfo wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 76. Kílíà tó bọ́ sí àárín pápá, ẹ̀bùn lo fún ẹni ọ̀hún.

Dúrọ́ọ̀pù ló ku. Má dín ìyára apá kù. Dá ìyípo dúró kó tó parí. Ojú rákẹ́ẹ̀tì ṣì kọ apá òsì díẹ̀, nítorí náà okùn kò ní lu orí ṣọ́tù gbọnmọ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ló máa ha kọjá. Ohun tí a ń pè ní síláìsì nìyẹn. Apá yára bíi ti símáàṣì, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ gba inú afẹ́fẹ́ lọ, díẹ̀ ló wọ ara ṣọ́tù. Ṣọ́tù á yà sí òsì, á sì bọ́ nítòsí àwọ̀n. Láti igun ẹ̀yìn ọ̀tún, ibẹ̀ ló jìnnà jù fún ẹni tó ti ń múra láti sá sẹ́yìn. Láti igun òsì, ìdàkejì ni: jẹ́ kí ìyípo kọjá ibi tó yẹ, kí okùn ha ẹ̀gbẹ́ òsì ṣọ́tù, kó yà sí ọ̀tún. Èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fi í sílẹ̀ títí ti àkọ́kọ́ á fi mọ́ ọ lára.

Tó o bá fẹ́ dúrọ́ọ̀pù tó lọ tààrà, ìka ni wàá fi ṣe é. Nínú kílíà àti símáàṣì, ìka máa ń fún mọ́ èèkù lójijì nígbà tí okùn bá kan ṣọ́tù. Má jẹ́ kó fún.

Ọmọbìnrin kan wà tí mo kọ́, irú ìṣòro tìrẹ gan-an ló ní. Mo dúró lódìkejì láì mú rákẹ́ẹ̀tì, mo ní kó gbá 20, dúrọ́ọ̀pù tàbí kílíà bó ṣe wù ú, kí n máa pe "iwájú" tàbí "ẹ̀yìn" kó tó kan ṣọ́tù. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ṣì í. Kì í sì í ṣe pé ojú mi mú ju ti ẹlòmíràn lọ: ní gbogbo dúrọ́ọ̀pù rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ máa ń wálẹ̀ díẹ̀. A yí i padà sí síláìsì. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, inú àwọ̀n ni èyí tó pọ̀ jù ń lọ. Ẹ̀rù bà á, ló bá tún ń fa apá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ àṣírí tún ń tú. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé mo ní kó gbàgbé pé ó fẹ́ kí ṣọ́tù bọ́ nítòsí àwọ̀n. Kó jẹ́ kó gba òkè àwọ̀n kọjá ní bíi sẹ̀ǹtímítà 30, kó bọ́ níbikíbi nítòsí ìlà ìsáàfù iwájú, tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 2 sí àwọ̀n. Nígbà tí kò sí ẹ̀rù àwọ̀n mọ́, apá rẹ̀ yára padà. Lẹ́yìn ìyẹn la tó ń mú un wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo tún dúró lódìkejì, mo ń ṣì í tó ìlàjì, ìyẹn ni pé mo kàn ń méfò lásán ni.

Báwo ni wàá ṣe fi kọ́ra? Wá ẹni tí yóò máa gbé ṣọ́tù ga sí ọ lẹ́yìn, kí ẹnì kejì dúró lódìkejì. Nígbà tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kí ó pe "kílíà" tàbí "dúrọ́ọ̀pù", ohun tó bá pè ni kó o gbá. O ò lè ṣe ọwọ́ méjì nígbà tí o kò tíì mọ èwo ni wọ́n máa pè. Fún ọjọ́ mélòó kan, méjì yìí nìkan ni kó o máa lò, kó o tó fi símáàṣì kún un. Tó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan lo wà pẹ̀lú ẹni tó ń gbé ṣọ́tù, gbé fóònù sí òdìkejì, ní gíga àyà, kó o ká 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dá àwòrán dúró kí okùn tó kan ṣọ́tù, kó o fi han ẹni tí kò sí níbẹ̀. Tó bá ń mọ̀ ọ́n, bi í pé kí ló rí. Ìdáhùn rẹ̀ ni wàá ṣiṣẹ́ lé lórí.

Wo eré Tai Tzu-ying, obìnrin ará Táíwánì tó gba fàdákà ní Òlíńpíìkì Tókíò ní 2021. Má wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń bá gbá ni kó o wò. Gbogbo wọn máa ń fò díẹ̀ kí ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ nígbà tí ṣọ́tù bá gbéra, kí wọ́n lè ta sí ibi tó bá ń lọ. Wàá rí i pé ẹsẹ̀ àwọn tó ń bá a gbá máa ń balẹ̀ tán tí wọn kò tíì mọ ọ̀nà, tàbí kí wọ́n ti tẹ̀ sí ibòmíràn. Ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni ẹ̀tàn yìí ń gbà lọ́wọ́ ẹni ọ̀hún. Kò di dandan kí dúrọ́ọ̀pù rẹ rẹwà.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé símáàṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹni ọ̀hún ń bẹ̀rù. Bí o kò bá gbá a rárá láti igun kan, kò sẹ́ni tó máa dúró dè é níbẹ̀, dúrọ́ọ̀pù tó jọ símáàṣì kò sì jọ nǹkan kan lójú rẹ̀. Nígbà tó o bá tún bá ẹnì kan gbá, fi símáàṣì méjì gidi bẹ̀rẹ̀ láti igun ẹ̀yìn ọ̀tún, kódà bó bá gbé e padà. Kí ìkẹta tó wá síbẹ̀ jẹ́ kílíà. Ìgbà tó bá tún gbé e sí ibẹ̀, síláìsì ni.