Hóró 6 nínú fọ́tò: ti ọmọdé ni àbí ti àgbà?

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n fi fọ́tò páálí oògùn ibà ránṣẹ́ sí mi. Ó jọ àwọ̀ ìyeyè, hóró 6 ló wà nínú káàdì rẹ̀. Ọmọ ọdún 4 ni, 18 kílò ló wọ̀n. Ṣé hóró kọ̀ọ̀kan ni ká máa fún un?"

Ẹ má tíì fún un. Bí ó bá jẹ́ átẹ́mẹ́tà pẹ̀lú lumẹfántírìnì ni, ọ̀nà méjì tó wọ́pọ̀ ni hóró 6 fi lè wà nínú páálí, kò sì sí èyí tó bá ọmọ 18 kílò mu nínú méjèèjì.

Ẹ wá nọ́ńbà tó wà lára páálí. Bó bá jẹ́ 20/120, páálí ọmọ kílò 5 títí dé bíi 14 nìyẹn, hóró kan lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ yín ti kọjá ibẹ̀. Láti kílò 15 títí dé 24, hóró 2 lẹ́ẹ̀kan ni, 12 lápapọ̀, páálí búlúù ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì máa ń kó o sí. Hóró kan yóò jẹ́ ìdajì ohun tó yẹ ẹ́, ibà náà sì lè padà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 80/480, ti àgbà tó wọ̀n kílò 35 sókè ni. Hóró kan rẹ̀ tó mẹ́rin ti 20/120, ìyẹn ìlọ́po méjì fún ọmọ yín.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ inú fọ́tò. Iná gílóòbù máa ń sọ páálí funfun di ìyeyè, ilé iṣẹ́ kan sì lè má lo àwọ̀ tí èkejì ń lo. Ẹ ní kí wọ́n ya ẹ̀yìn káàdì níta, kí wọ́n pa iná kámẹ́rà, kí wọ́n sì yí káàdì náà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, torí dídán bébà fàdákà ló máa ń bo nọ́ńbà. Kí wọ́n ya gbogbo rẹ̀ tán. Káàdì tí wọ́n ti gé sí méjì máa ń tan èèyàn jẹ.

Tó bá jẹ́ 20/120 lóòótọ́, páálí méjì irú ẹ̀ ló máa pé hóró 12. Ẹ fi hàn apòògùn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwòrán oòrùn àti òṣùpá tó wà lára páálí túmọ̀ sí àárọ̀ àti alẹ́, àmọ́ ọjọ́ kìíní yàtọ̀. Bí ọmọ bá lo hóró 2 àkọ́kọ́ ní aago 10 àárọ̀, aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni èkejì, wákàtí 8 péré. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta, aago 10 àárọ̀ àti 10 alẹ́. Kó fi wàrà tàbí oúnjẹ ọlọ́ràá gbé e mì, torí láìsí ọ̀rá lumẹfántírìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ara.

Tó bá bì láàárín wákàtí kan, ẹ tún fún un ní hóró 2, kẹ́ ẹ sì wá òmíràn dí i. Tó bá ń bì ṣáá, tí gìrì mú un, tàbí tí kò jí dáadáa, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe páálí mìíràn.