Pátákó kọ́ ni kí ẹ wò, ìwé RCCM ni

Ìbéèrè: «Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Gábọ̀n ni mo wà. Mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ohun ìkọ́lé ní Àjàṣẹ́, àbúrò mi ni yóò máa jókòó tì í. Wọ́n ní kí n kàn fi orúkọ etabílísímà sílẹ̀, pé kò náni lówó. Ẹlòmíì ní SARL ló dáa. Kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an, èwo ló máa dáàbò bo owó mi?»

Ará ilé, nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, àyà mi já. Ohun tí mo bi àwọn ará ilé nìyí nígbà tí mo fẹ́ ṣí tèmi, ìdáhùn kan náà ni wọ́n fún mi: «Etabílísímà ti tó.» Ó tó lóòótọ́. Ó tó láti fi ọjà mi san gbèsè tí n kò jẹ.

Ṣọ́ọ̀bù káró tí wọ́n ń tẹ́ sí ilẹ̀ ilé ni tèmi, ní ọ̀nà tó lọ sí Ìgóló. Ọmọ àbúrò bàbá mi ló ń bá mi mójú tó o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi owó ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6 400 000 fàrán. Orúkọ ìyá mi ni mo ní kí wọ́n fi pe ibẹ̀. Ó lọ ṣe ìwé RCCM kíá, ìyẹn ìwé ìjọba tí wọ́n ń forúkọ àwọn oníṣòwò sí, ó ya fọ́tò rẹ̀ sí mi lórí WhatsApp, mo rí orúkọ ìyá mi gàdàgbà, inú mi dùn, mo fi han àwọn ọmọ. N kò ka ìlà tó wà nísàlẹ̀ orúkọ yẹn. Ìlà yẹn ló sọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ọmọ àbúrò bàbá mi ló sì wà níbẹ̀, kì í ṣe tèmi.

Mi ò pè é lólè o. Wọ́n ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá, ó mú tirẹ̀ lọ. Èmi wà ní Faransé, káàdì ta ni ì bá mú?

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ó ti yá 2 800 000 lọ́wọ́ ẹnì kan láti fi ra mọ́tò tó fẹ́ máa fi kó èrò lọ sí Kútọnu. Mọ́tò bàjẹ́, gbèsè ò bàjẹ́. Ẹni tó yá a lówó gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó jàre. Wísíè, òṣìṣẹ́ òfin tó ń mú ìdájọ́ ṣẹ, mú ìwé ìkìlọ̀ wá, ó fún un ní ọjọ́ 8 kó fi san án. Ó tì í bọ àpò, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọjọ́ pé, wísíè padà wá, ó ka káró mi páálí-páálí, ó kọ wọ́n sílẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọ̀kan níbẹ̀ mọ́.

Mo pariwo pé gbèsè mọ́tò kọ́ ni gbèsè ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Etabílísímà kì í ṣe ẹnì kan lójú òfin. Aṣọ ni orúkọ yẹn, ẹni tó wọ aṣọ ni òfin mọ̀. Gbèsè tó jẹ nílé lè kó ọjà ṣọ́ọ̀bù lọ, gbèsè tí ṣọ́ọ̀bù bá jẹ náà lè kó ilẹ̀ tó ní ní Kétu lọ. Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ etí sí, nítorí pé kódà bó bá jẹ́ orúkọ yín gan-an ló wà nínú ìwé, ilé tí ẹ ń kọ́ wà lábẹ́ gbèsè tí àbúrò yín bá fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù jẹ.

Òfin gbà kí ẹlòmíì wá sọ pé òun ló ni ọjà tí wísíè mú, àmọ́ kó mú ẹ̀rí wá. Mo wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo kó rìsíìtì owó tí mo fi ránṣẹ́ dání. Ọ̀gá kan lẹ́yìn gílásì wò wọ́n, ó ní ìwọ̀nyí fi hàn pé mo fún ọmọ àbúrò bàbá mi lówó, wọn ò fi hàn pé èmi ni mo ra káró. Orúkọ etabílísímà ló wà lórí ìwé ọjà, òun ló sì ni etabílísímà. Ó bi mí ní ẹ̀dà káàdì mi, mo fún un. Ọjọ́ kejì ó tún bi mí. Ọjọ́ kẹta ẹlòmíì ló jókòó síbẹ̀, òun náà bi mí. Nígbà tó yá, mo san 2 800 000 yẹn àti owó wísíè, kí wọ́n lè fi ọjà mi sílẹ̀.

SARL ni mo wá dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Lórí monentreprise.bj ni mo ti ṣe é, lórí àga ìdáná mi níbí, èyí ò le. Kasíè nìkan, ìwé tó ń fi hàn bóyá ilé ẹjọ́ ti dá èèyàn lẹ́bi rí, ló pẹ́ díẹ̀. Òfin OHADA, òfin òwò tí Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà míì jọ ń lò, gbà kí ẹ kọ́kọ́ búra pé ẹ ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn, kí ẹ wá mú kasíè fúnra rẹ̀ wá láàárín ọjọ́ 75. Ní Benin, àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ló ń sọ iye owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A sọ pé 1 000 000, a pín in sí ìpín 200, ọ̀kọ̀ọ̀kan 5 000 fàrán. Èmi mú 150, àbúrò mi obìnrin mú 50. Ọmọ àbúrò bàbá mi ò ní ìpín, òun ni jéràn, ẹni tó ń darí ilé-iṣẹ́, torí ó mọ káró ju gbogbo wa lọ.

Láti ọjọ́ tí RCCM ti gbà á, ilé-iṣẹ́ náà di ẹnì kan fúnra rẹ̀. Òun ló ni káró, òun ló ń jẹ gbèsè. Bí ó bá wó, ohun tí mo fi sínú rẹ̀ ni mo pàdánù, wọn ò ní wá bá mi nílé. Bí jéràn bá tún lọ yá owó ra mọ́tò, ẹni tó jẹ lówó lè mú ohun tó jẹ́ tirẹ̀, kò lè fọwọ́ kan ọjà wa. Bí èmi náà bá jẹ gbèsè, ìpín mi ni wọ́n lè mú, kì í ṣe káró. Àmọ́ owó inú àpótí ti kúrò ní tèmi nìyẹn, mi ò lè bu ú jẹ bó ṣe wù mí. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ohun méjì ló lè wó ògiri yìí. Àkọ́kọ́, bánkì máa sọ pé kí ẹ̀yin fúnra yín ṣe onídùúró fún ilé-iṣẹ́. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ ti padà sí etabílísímà. Èkejì, jéràn. Bí ẹ bá tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé òfin ilé-iṣẹ́ pé kò gbọdọ̀ yá owó, ẹni tó yá a láìmọ̀ lè gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ìbuwọ́lù méjì ní bánkì ló ràn wá lọ́wọ́. Ẹ sì di ohun tó ju ìdajì ìpín lọ mú, torí ìdajì-lé yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹ lè yọ jéràn lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́.

Ti orúkọ fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Nínú méjèèjì, RCCM kì í fún yín ní àmì ọjà. OAPI ní Yaundé ni wọ́n ti ń forúkọ àmì sílẹ̀, ọdún 10 ló ń lò kí ẹ tó tún un ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè 17. Nàìjíríà kò sí nínú wọn. Ẹni tó bá wà ní Ìdírókò, ní òdìkejì ààlà sí Ìgóló, lè kọ orúkọ yín sára pátákó tirẹ̀, ìwé Yaundé ò ní dá a dúró.

Bí àbúrò yín bá ti ṣe ìwé kan tẹ́lẹ̀, ẹ ní kó ya fọ́tò rẹ̀ wá lónìí. Ẹ wo nọ́ńbà RCCM, lẹ́tà tó tẹ̀lé ọdún. Bí ó bá jẹ́ A, ènìyàn kan ló ni ín, kí ẹ wá ka orúkọ ẹni náà. Bí ó bá jẹ́ B, ilé-iṣẹ́ ni, ẹ bi wọ́n ní iye ìpín yín kí ẹ tó fi fàrán kan ránṣẹ́.