Fótò Àárọ̀ àti Ìbéèrè Alẹ́

Ìbéèrè: "Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Òṣogbo. Láàárọ̀, mo fi fótò ojú ìwé tí mo kọ orúkọ àwọn oníbàárà àti iye yáàdì tí wọ́n fẹ́ sí ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ onílàákàyè tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Títí ilẹ̀ fi ṣú, a ti sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e lórí. Ṣé ó ṣì ń rí fótò náà?"

Ìdáhùn: Ó lè ṣì máa rí i, ṣùgbọ́n ẹ má fi fótò tí ẹ ṣì ń rí lójú fóònù yín ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀yin ni a tọ́jú ìyẹn fún. Ohun tí ó dé iwájú ẹ̀rọ nígbà tí ó fẹ́ dáhùn lè má tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kì í gbé ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn de èkejì. Nígbàkigbà tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ tuntun, ṣe ni áàpù tún ń kó ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tòun ti fótò, síwájú rẹ̀ kí ó tún un kà. Ìwọ̀n wà fún ohun tí ó lè kà lẹ́ẹ̀kan, tókìn, ìyẹn ègé kéékèèké tí ẹ̀rọ ń pín ọ̀rọ̀ àti fótò sí, ni a sì fi ń ka ìwọ̀n náà: fótò kan lè gba ẹgbẹ̀rún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí àyè ẹ̀rọ mìíràn tó 200,000. Bí ọ̀rọ̀ yín kò bá tíì kún àyè náà, fótò àárọ̀ ṣì wà níbẹ̀ lódindi. Bí ó bá kún, áàpù mìíràn á gé ọ̀rọ̀ tó pẹ́ jù kúrò, òmíràn á sọ ọ́ di àkópọ̀ kúkúrú, nínú èyí tí fótò yín á ti di gbólóhùn bíi mélòó kan.

Ẹ jẹ́ ká ní orúkọ méjìlá ló wà lójú ìwé yín, tí ẹ sì béèrè nípa márùn-ún àkọ́kọ́ láàárọ̀. Bí áàpù bá ti sọ ọ̀rọ̀ àárọ̀ di àkópọ̀, tí ẹ wá béèrè lálẹ́ pé yáàdì mélòó ni ẹni kẹwàá fẹ́, àkópọ̀ náà lè má ní i, síbẹ̀ ẹ̀rọ lè dá iye kan lé e láìṣiyèméjì. Ewu ibẹ̀ nìyẹn, nítorí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í yàtọ̀ lójú sí èyí tó tọ̀nà.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má bi í bóyá ó ṣì ń rí fótò, nítorí ó lè kàn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò tíì mẹ́nu kàn, bí ọjọ́ tí a kọ sókè ìwé, kí ẹ sì fi ìdáhùn rẹ̀ wé ìwé yín.

Èyí tó dájú jù ni pé kí ẹ tún fi fótò náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbéèrè alẹ́ yín. Ẹ gé e mọ́ ibi tí ẹ nílò, nítorí a sábà máa ń dín fótò ńlá kù kí ẹ̀rọ tó wò ó, iye tí a fi ọwọ́ kékeré kọ á sì di bàìbàì.