Àsẹ́ wo ló tọ́ sí omi kànga tó wà nítòsí ṣáláńgá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Omi kànga la ń lò nílé wa n'Íkòròdú. Ó mọ́ gaara, àfi nígbà òjò tó máa ń rùn díẹ̀. Ṣáláńgá ilé kejì ò jìnnà sí i. Ẹnì kan ní kí n ra àsẹ́ eléèédú, òmíì ní seramíìkì, òmíì ní áà-óò. Mo ní ọmọ oṣù 3 tó ń mu wàrà onígo. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ má tíì ra eléèédú. Òórùn ìgbà òjò yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi ṣáláńgá ló ń yọ́ wọ kànga. Èédú á fa òórùn náà mọ́ra, bó ṣe ń fa kilorín inú omi ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn á gba inú rẹ̀ kọjá, òmíì á tilẹ̀ máa bí sí i níbẹ̀. Ẹ ó kàn máa mu ìdọ̀tí tí kò rùn mọ́ ni.

Seramíìkì ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Amọ̀ sísun ni, ihò ara rẹ̀ sì kéré débi pé bakitéríà àti ẹyin aràn kì í lè gbà á kọjá. Fáírọ́ọ̀sì lè rí àyè kọjá, nítorí náà ẹ se omi tó bá sẹ́ jáde kó hó dáadáa. Tí omi ò bá yára jáde mọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ara rẹ̀ lábẹ́ omi mímọ́, láìfi ọṣẹ kàn án. Sísán lẹ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́, torí ojú lè má rí i. Ẹ rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi mumi yó, ẹ rì í, kẹ́ ẹ wá fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ọrùn rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń hó jáde lójú kan, ó ti sán nìyẹn; ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ti ọmọ yàtọ̀. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ inú ilẹ̀ máa ń di náítíréètì, tó ń yòrò sínú omi bí iyọ̀. Seramíìkì ò lè mú un, èédú lásán ò lè mú un, síse gan-an ń mú kó ki sí i ni, torí omi nìkan ló ń gbẹ. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ kékeré gbé atẹ́gùn bó ṣe yẹ. Ẹ gbé omi lọ fún àyẹ̀wò. Kí èsì tó dé, omi mìíràn tó dájú ni kẹ́ ẹ fi po wàrà. Bí náítíréètì bá ju mílígíráàmù 50 nínú lítà kan lọ, ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí, kànga yẹn kì í ṣe ti ọmọ.

Àsẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní áà-óò lè yọ èyí tó pọ̀ jù nínú náítíréètì náà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo táǹkì yín. Gíga mítà 10 ló ń fún omi ní agbára báà 1, áà-óò sì ń fẹ́ bíi 3. Táǹkì orí òpó mítà 5 ò lè tì í láìsí pọ́ńpù, èyí tó túmọ̀ sí iná. Omi tó sì ń dà nù sábà máa ń ju èyí tẹ́ ẹ máa rí mu. Awọ mìíràn wà, yúù-ẹ́fù, tí táǹkì yín lè tì. Ó ń mú kòkòrò, ṣùgbọ́n náítíréètì ń gbà á kọjá. Ẹ bi ọlọ́jà dáadáa, torí àwọn méjèèjì jọra nínú páálí.

Bí èsì bá wà lábẹ́ 50, seramíìkì àti síse ti tó. Ẹ tọ́jú owó áà-óò fún kànga tuntun, ó kéré tán mítà 30 sí ṣáláńgá.